Síìmù Kọ́kọ́, Ímeèlì Tẹ̀lé e, Báǹkì Ló Kẹ́yìn

Kò ṣọ̀wọ́n ní Ìwó láti rí ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé kaféè ni wọ́n ti bá a ṣí ímeèlì rẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ JAMB ló dé, wọ́n ní ímeèlì pọn dandan, ni ọ̀gá kaféè bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ orúkọ ọmọ náà, ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n bí i ṣe páásíwọ́ọ̀dù, ó sì kọ ọ́ sórí bébà pélébé fún un. Nígbà tí Google béèrè nọ́ńbà fóònù tí wọn yóò fi dá àkáǹtì náà padà fún ẹni tó ni ín bí ìṣòro bá dé, ọ̀gá náà tẹ nọ́ńbà tirẹ̀, torí èrò pọ̀ lẹ́yìn, ó sì fẹ́ kí iṣẹ́ náà yá. Kò ní ète burúkú kankan lọ́kàn. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà lọ, ẹni méjì ló ni ímeèlì yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dọ́mọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti jáde ilé ìwé, ó ń ta àǹkárá ní ọjà Odò-Orí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Bowen wà lára oníbàárà rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì rẹ̀ láti orí fóònù wọn. Ímeèlì JAMB ọjọ́sí ló fún báǹkì nígbà tó ń ṣí àkáǹtì. Nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo ló ní, òun ló wà ní báǹkì, òun ló wà lára BVN rẹ̀, òun náà ló ń lò fún WhatsApp. Tí ẹ bá bi í léèrè bóyá ó ń ṣọ́ owó rẹ̀, yóò ní òun kì í sọ PIN káàdì òun fún ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dé ibi owó náà ju PIN káàdì lọ.

Ẹ wò ó báyìí. Bí ó bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù áàpù báǹkì rẹ̀, báǹkì yóò fi OTP ránṣẹ́ sórí síìmù rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ̀. Bí ó bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì, Google yóò fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí síìmù tó wà lákọsílẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, síìmù lè ṣí ímeèlì, àwọn méjèèjì sì lè jọ ṣí báǹkì. Ẹni tó bá lo ọjọ́ kan gbáko láti wá páásíwọ́ọ̀dù tó le fún áàpù báǹkì, tó wá fi síìmù sílẹ̀ gbayawu, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn pé a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí síìmù.

Ìtẹ̀léra yìí ti ṣe àwọn tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà gan-an léṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, àwọn kan pe ilé iṣẹ́ Amazon lórí fóònù, wọ́n fi ẹ̀tàn gba nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára káàdì báǹkì akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà kan, Mat Honan. Wọ́n gbé nọ́ńbà mẹ́rin yẹn lọ sọ́dọ̀ Apple gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé àwọn ni Honan, Apple sì jẹ́ kí wọ́n wọ ímeèlì rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ímeèlì Apple yìí ni Gmail rẹ̀ ń fi ọ̀nà àtiyí páásíwọ́ọ̀dù padà ránṣẹ́ sí, bí wọ́n ṣe wọ Gmail nìyẹn. Láàárín nǹkan bí wákàtí kan, wọ́n ti pa Gmail rẹ́, wọ́n sì ti nu gbogbo ohun tó wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Honan fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ká ní òun ti tan àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀mejì Google ni, ó ṣeé ṣe kí ó má dé bẹ́ẹ̀.

Síìmù

Bí ẹ tilẹ̀ ti ojú fóònù yín pa, títì yẹn kò kan síìmù. Ẹni tó jí i lè yọ síìmù náà, kó kì í bọ fóònù tirẹ̀, kí gbogbo OTP sì máa wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó lè dí i lọ́wọ́ ni PIN tó jẹ́ ti síìmù fúnra rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì tàn rí.

Ibi tó wà yàtọ̀ láti fóònù sí fóònù, nítorí náà ẹ ṣí "Settings", kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà "SIM" sí àyè ìwákiri tó wà lókè. Lórí Android, ohun tí ẹ ń wá ni "SIM card lock" tàbí "Set up SIM card lock". Lórí iPhone, "SIM PIN" ni. Kí ẹ tó tàn án, yóò béèrè PIN tó ti wà lórí síìmù láti ilé iṣẹ́ wá. Ẹ má ṣe méfò rárá. Tí ẹ bá ṣì í ní ìgbà mẹ́ta, síìmù yóò tì, yóò sì máa béèrè nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní PUK. Tí ẹ bá ṣi PUK náà ní ìgbà mẹ́wàá, síìmù kú nìyẹn, ẹ ó lọ gba òmíràn. Ẹ pe 300, tí gbogbo nẹ́tíwọọ̀kì ń lò fún oníbàárà, ẹ béèrè PIN àtilẹ̀wá àti PUK síìmù yín, kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ sórí ìwé. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tan títì náà, kí ẹ sì yí PIN padà sí tiyín.

Láti mọ̀ bóyá ó ti ṣiṣẹ́, ẹ pa fóònù, kí ẹ tún tàn án. Ó gbọ́dọ̀ béèrè PIN síìmù kí nẹ́tíwọọ̀kì tó yọ. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá yọ láìbéèrè nǹkan kan, ẹ kò tíì tì í.

Ohun kékeré kan ṣì wà níbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ọ̀rọ̀ tó bá wọlé máa ń hàn lójú fóònù bí ó tilẹ̀ wà ní títì, OTP náà sì ń hàn pẹ̀lú. Nínú "Settings", lábẹ́ "Notifications", ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń bò ó nígbà tí fóònù bá wà ní títì.

PIN síìmù kò lè dí ẹni tó bá lọ fi irọ́ gba síìmù tuntun lórúkọ yín lọ́wọ́. Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ ni pé nẹ́tíwọọ̀kì yín yóò lọ lójijì, kò ní padà, nígbà tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lórí nẹ́tíwọọ̀kì kan náà ń pe tirẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé máàsì ló bàjẹ́. Ẹ yá fóònù, ẹ kọ́kọ́ pe báǹkì yín, kí ẹ tó pe ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì.

Ímeèlì

Ọmọbìnrin wa ti ti síìmù rẹ̀. Ó kan ímeèlì. Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, kí ó sì ṣe é lórí fóònù tirẹ̀, kì í ṣe ní kaféè.

Kó ṣí "Settings", kó tẹ "Google", lẹ́yìn náà "Manage your Google Account", kó wá lọ sí "Security". Ohun àkọ́kọ́ tí yóò wò ni "Recovery phone" àti "Recovery email". Níbẹ̀ ni yóò ti rí nọ́ńbà ọ̀gá kaféè. Kó yọ ọ́, kó fi tirẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé lẹ́yìn ìyípadà yìí, Google ṣì lè máa fi nọ́ńbà àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí fóònù àtijọ́ náà fún ọjọ́ 7. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí ẹni tí wọ́n bá já àkáǹtì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lè rí i gbà padà. Fún tiwa níhìn-ín, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kó tún padà wo ojú ewé yìí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kó rí i pé kò sí nǹkan tó yí.

Lẹ́yìn náà ló kan páásíwọ́ọ̀dù. Orúkọ bàbá àti ọdún ìbí kò lágbára rárá. Ẹni tó bá mọ orúkọ bàbá kò ní ju nǹkan bí 60 ọdún lọ láti dán wò, ìyẹn sì ni gbogbo iṣẹ́ tó kù fún un. Kò sì sí ààbò nínú pé Yorùbá ni, nítorí orúkọ wa náà wà nínú àkójọ àwọn páásíwọ́ọ̀dù tó ti jò. Òwe, oríkì ìlú, orúkọ súrà, ẹsẹ Bíbélì, gbogbo ohun tí ẹlòmíràn náà mọ̀ sórí, ó lè dán an wò.

Ohun tó ń fún páásíwọ́ọ̀dù lágbára ni gígùn, àti pé kí ó jẹ́ èèṣì ló mú un wá, kì í ṣe inú yín. Ọ̀nà tí mo fọwọ́ sí nìyí. Ẹ mú ìwé Yorùbá kan tó nípọn, ẹ ṣí i láìwò, ẹ fi ìka lé ojú ewé náà. Orúkọ nǹkan tó bá sún mọ́ ìka yín jù ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ tún un ṣe títí ẹ ó fi ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin, kí ẹ fi àmì kékeré so wọ́n pọ̀, báyìí:

```
garawa-osupa-efinrin-kanga
```

Ẹ má ṣe lo èyí tí mo kọ yìí, torí ó ti wọ ìwé. Bí ọ̀rọ̀ tí ìka yín lè bọ́ sí bá tó 1,000, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ mẹ́rin lè gbà jáde jẹ́ 1,000,000,000,000. Ẹ fi ìyẹn wé 60. Ẹ má ṣe kọ àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ sí i, nítorí lọ́jọ́ tí ẹ bá yá fóònù ẹlòmíràn láti wọlé, bọ́tìnnì rẹ̀ lè máà ní "ẹ" àti "ṣ". Bí ọ̀rọ̀ tó jáde kò bá wù yín, ẹ má ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan èyí tó wù yín, ẹni tó mọ̀ yín lè bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Kíkọ ọ́ sínú ìwé tó wà nínú àpótí nílé kò burú, ohun tó burú ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp.

Kí páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì má ṣe jọ ti ibòmíràn kankan. Ní ọdún 2012, wọ́n jí páásíwọ́ọ̀dù àwọn oníbàárà LinkedIn kó. Nígbà tó di 2016, àkójọ tó lé ní mílíọ̀nù 100 ti wà lọ́jà àwọn olè. Wọ́n máa ń gbé irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lọ dán wò lórí Gmail àti lórí báǹkì, ẹni tó bá ń fi ọ̀kan ṣe gbogbo rẹ̀ sì ni wọ́n ń rí mú.

Lẹ́yìn tó ti yí i padà, kó wo "Your devices", kó tẹ "Manage all devices". Bí ó bá rí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí kì í ṣe tirẹ̀, kó tẹ ẹ́, kó yan "Sign out". Ibì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò. Kó ṣí Gmail lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó fọkàn tán, kó lọ sí "See all settings", kó sì wo "Forwarding and POP/IMAP" àti "Filters and Blocked Addresses". Ẹni tó ti wọlé rí lè ti pàṣẹ níbẹ̀ pé kí ẹ̀dà gbogbo ímeèlì máa lọ sọ́dọ̀ òun, àṣẹ yẹn sì lè wà níbẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ yí páásíwọ́ọ̀dù. Bí ó bá rí àdírẹ́sì tí kò mọ̀, kó pa á rẹ́. Kó sì jáde pátápátá kó tó fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀.

Ó wá kan àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀mejì. Lójú ewé "Security" kan náà, kó tẹ "2-Step Verification", kó sì tàn án. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá mọ páásíwọ́ọ̀dù kò lè dá wọlé láìní nǹkan kejì. Google fàyè gba kí nǹkan kejì náà wá nípa SMS. Ó sàn ju àìní lọ, ṣùgbọ́n a ti rí i pé síìmù ṣeé jí, ó sì ṣeé fi irọ́ gbà. Èyí tó sàn ni áàpù tó ń jẹ́ Google Authenticator. Kó gbà á sórí fóònù láti Play Store, kó padà sí ojú ewé náà, kó yan "Authenticator", lẹ́yìn náà "Set up authenticator". Àwòrán onígun mẹ́rin kan yóò jáde tí wọ́n ní kó fi fóònù yà. Fóònù kan kò lè ya ojú ara rẹ̀, nítorí náà kó tẹ "Can't scan it?", àkójọ lẹ́tà àti nọ́ńbà yóò yọ, èyí ni yóò tẹ̀ sínú Authenticator. Kó kọ àkójọ náà sórí ìwé pẹ̀lú, torí bí fóònù bá sọnù, òun ni yóò tẹ̀ sínú fóònù tuntun tí nọ́ńbà kan náà yóò fi máa jáde.

Authenticator yóò máa gbé nọ́ńbà mẹ́fà jáde, tí yóò máa yí ní ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 30. Kò gba nọ́ńbà yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àkójọ tí a tẹ̀ sí i àti aago fóònù ló ń fi ṣe ìṣirò rẹ̀, Google náà sì ń ṣe ìṣirò kan náà níbi tó wà. Ìdí nìyẹn tí kò fi nílò dátà, tí kò sì nílò nẹ́tíwọọ̀kì. Ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ pé bí aago fóònù bá ṣì, Google yóò máa kọ nọ́ńbà náà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má ṣe yọ áàpù náà kúrò. Ẹ lọ tan "Automatic date and time", kí ẹ tún gbìyànjú.

Kí ó tó kúrò lójú ewé náà, kó tẹ "Backup codes". Google yóò fún un ní nọ́ńbà mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ oní-8, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀yọ kọ̀ọ̀kan sì lè ṣiṣẹ́. Kó kọ wọ́n sórí ìwé, kó má ṣe ya wọ́n ní fọ́tò, torí fọ́tò náà yóò lọ pẹ̀lú fóònù. Kó fi ìwé náà síbi tí wọ́n ń kó ìwé ilé àti ìwé-ẹ̀rí sí. Kó dán ọ̀kan wò lórí fóònù ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó fagi lé e, kó sì jáde.

Báǹkì

Ohun tó kù kò pọ̀ mọ́. PIN báǹkì jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin, ó lè jáde lọ́nà 10,000, báǹkì sì máa ń tì í lẹ́yìn àṣìṣe díẹ̀, nítorí náà kò burú bí kò bá jẹ́ ohun tí wọ́n lè mọ̀ nípa yín. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 19 tàbí 20 bí ọdún ìbí ni olè kọ́kọ́ ń tẹ̀, torí ọjọ́ ìbí yín wà lára káàdì ìdánimọ̀ tó wà nínú pọ́ọ̀sì kan náà tó jí. Kí PIN káàdì, PIN síìmù àti PIN tí ẹ fi ń ránṣẹ́ owó yàtọ̀ síra wọn, nítorí àwọn tó dúró lẹ́yìn yín ní ṣọ́ọ̀bù oní-POS ń rí PIN káàdì yín. Kí páásíwọ́ọ̀dù áàpù náà jẹ́ tuntun, èyí tí a fi ìwé yàn.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ báǹkì yín bóyá wọ́n ní tókìnì, yálà ti ọwọ́ tàbí tinú áàpù, tó ń ṣe iṣẹ́ bíi Authenticator. Bí wọ́n bá ní in, ẹ gbà á. Bí ẹ kò bá ń lo kóòdù oníràwọ̀ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ owó láìsí dátà, ẹ ní kí wọ́n pa á lórí nọ́ńbà yín, nítorí ẹni tó bá ti ní síìmù yín kò nílò ju PIN kan lọ láti fi lò ó. Ẹ ní kí wọ́n dín iye tó lè jáde lójúmọ́ kù sí ohun tí òwò yín ń lò gan-an. Kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù báǹkì tó wà lẹ́yìn káàdì sórí ìwé kan náà tí àwọn nọ́ńbà Google wà, kí ẹ lè pè é lọ́jọ́ tí káàdì àti fóònù bá jọ lọ.

Gbogbo èyí lè dòfo lórí ìpè kan. Ẹnì kan yóò pè: "Ẹ káàsán mà. Láti báǹkì yín ni. BVN yín fẹ́ ní ìṣòro, a ti fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí yín, ẹ bá wa kà á." Ó lè mọ orúkọ yín ní kíkún, ó tilẹ̀ lè mọ àkáǹtì yín. Nọ́ńbà tó wọlé náà wá láti báǹkì lóòótọ́, nítorí pé olùpè yìí gan-an ló lọ tẹ "mo gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù" lójú áàpù. Kí ẹ ka ọ̀rọ̀ tó bá OTP náà wá títí dé ìparí, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ iṣẹ́ tó wà fún. Òṣìṣẹ́ báǹkì kò nílò rẹ̀ fún ohunkóhun. Ẹ gé ìpè náà, kí ẹ fúnra yín pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí Google bá béèrè lójú fóònù yín pé ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọlé, tí kì í sì í ṣe ẹ̀yin, "No, it's not me" ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ sì yí páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì kíá, nítorí ẹni tó fa ìbéèrè yẹn lè ti mọ̀ ọ́n.

Fún àwọn ọmọ Ìwó tó wà ní Kùtọnú, Lọ́ńdọ́nù tàbí ibòmíràn, ọ̀rọ̀ síìmù tún ní ìhà kan. Òfin àjọ NCC fàyè gba nẹ́tíwọọ̀kì láti pa nọ́ńbà tí wọn kò lò fún oṣù 6, bí oṣù 6 mìíràn bá sì tún kọjá, wọ́n lè fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ra nọ́ńbà yẹn kò jalè, ṣùgbọ́n OTP báǹkì yín yóò máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ máa fi owó sí i, kí ẹ sì máa fi pe ilé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá sì ti pinnu láti fi nọ́ńbà kan sílẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò ní báǹkì àti ní Google nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ yín, nítorí OTP tí wọn yóò fi gbà yín láyè láti yí i padà, orí nọ́ńbà àtijọ́ yẹn náà ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí.